Bí Owó Kẹrosíìnì Bá Gòkè, Ọjà Ta Ni Yóò Yá, Ọjà Ta Ni Yóò Kú?

Bí nǹkan kan bá gbówó lórí ní ọjà, ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń kàn. Àwọn kan wà tí wọn kò ta ohun náà rí, síbẹ̀ tí àwọn oníbàárà yóò máa ya bo ìsọ̀ wọn nítorí ọ̀wọ́n náà. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó ọjà tiwọn, ṣùgbọ́n tí ọjà náà yóò kàn dédé dúró lórí àtẹ, tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa rò pé ayé ló ń ṣe òun, kó má mọ̀ pé ọjà ẹlòmíràn ló fa tòun lọ sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti pín irú àjọṣe yìí sí ọ̀nà méjì. Ẹ jẹ́ kí á fi ilé ìdáná ṣe àlàyé rẹ̀, nítorí pé kò sí ilé tí wọn kò ti ń dáná, ohun tí a ó sì fi dáná ti di ọ̀rọ̀ àròjinlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìdílé láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

ARỌ́PÒ ÀTI ALÁJỌLÒ

Kẹrosíìnì, gáàsì, èédú àti igi ìdáná, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ìyàwó ilé tó bá fẹ́ se ìrẹsì kò nílò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí agbára rẹ̀ bá ká ni yóò lò. Irú ọjà bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan lè dípò èkejì, ni a ó máa pè ní ọjà arọ́pò. Bí owó ọ̀kan bá gòkè, àwọn èèyàn yóò máa wá èkejì sí i.

Ti gáàsì àti sìlíńdà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gbé gáàsì sínú garawa, bẹ́ẹ̀ ni sìlíńdà òfìfo kò lè se ẹ̀wà jinná. Àwọn méjèèjì, pẹ̀lú bọ́nà tí iná ń jáde lórí rẹ̀ àti rọ́bà tó so wọ́n pọ̀, jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Bákan náà ni kẹrosíìnì àti sítóòfù rí, àti sítóòfù pẹ̀lú òwú rẹ̀. Irú ọjà báyìí ni a ó máa pè ní ọjà alájọlò. Bí owó ọ̀kan bá gòkè, àwọn tó ń wá èkejì yóò dín kù, bí owó èkejì kò tilẹ̀ yí padà.

Ohun kan wà tó yẹ kí á fi sọ́kàn níbí. Bí gáàsì fúnra rẹ̀ bá wọ́n, tí àwọn èèyàn sì ra ìwọ̀nba, ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí gáàsì bá wà ní iye tó wà tẹ́lẹ̀, tí àwọn tó ń rà á sì pọ̀ sí i nítorí pé kẹrosíìnì ti wọ́n, nǹkan mìíràn ló ṣẹlẹ̀ yẹn. Ní iye owó kan náà tí wọ́n ń tà á lánàá, àwọn èèyàn ń fẹ́ èyí tó pọ̀ ju ti àná lọ. A ó tún padà sórí ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

BÍ A ṢE Ń ṢÍRÒ RẸ̀

Kì í ṣe ojú lásán ni a fi ń mọ̀ bóyá ọjà méjì jẹ́ arọ́pò tàbí alájọlò. Ìṣirò kékeré kan wà fún un. A ó wo ìdá tí ìwọ̀n ọjà kejì fi yí padà, a ó sì fi ìdá tí owó ọjà kìn-ín-ní fi yí padà pín in. Bí èsì rẹ̀ bá lé ní òdo, arọ́pò ni wọ́n. Bí èsì náà bá rẹlẹ̀ ju òdo lọ, alájọlò ni wọ́n. Bí kò bá sì yàtọ̀ sí òdo, ọ̀kan kò mọ èkejì rí.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Kí á sọ pé obìnrin kan ń ta gáàsì ní àdúgbò kan, ó sì ń ta 200 kílò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Owó kẹrosíìnì ní àdúgbò náà wá kúrò ní 800 náírà fún líta kan, ó di 1,000 náírà. Obìnrin yìí kò fi owó kún gáàsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣírò ọjà rẹ̀, ó rí i pé 230 kílò ni òun tà. Kẹrosíìnì fi ìdá 25 nínú 100 wọ́n sí i, gáàsì tó tà sì fi ìdá 15 nínú 100 pọ̀ sí i. Bí a bá fi 25 pín 15, a ó rí 0.6. Ó lé ní òdo, nítorí náà arọ́pò ni wọ́n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kẹrosíìnì bá fi ìdá 10 nínú 100 gbówó lórí, obìnrin yìí lè retí kí gáàsì tó ń tà fi ìdá bíi 6 nínú 100 pọ̀ sí i.

Kí á tún sọ pé ọkùnrin kan wà ní ìsọ̀ kejì tó ń ta bọ́nà, 40 ló sì máa ń tà lóṣù. Nígbà tó yá, gáàsì kúrò ní 1,000 náírà fún kílò kan, ó di 1,200 náírà. Bọ́nà tí ọkùnrin náà tà lóṣù náà kò ju 34 lọ. Gáàsì fi ìdá 20 nínú 100 wọ́n sí i, bọ́nà sì fi ìdá 15 nínú 100 dín kù. Èsì rẹ̀ jẹ́ 0.75 ní ìsàlẹ̀ òdo. Alájọlò ni wọ́n. Ọkùnrin yìí lè jókòó sídìí ọjà rẹ̀ tọ̀sán tòru, kí ó tún dín owó bọ́nà kù, síbẹ̀ ohun tó ń lé oníbàárà rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 2022

Àpẹẹrẹ tí a ṣe yẹn rọrùn láti yé ni nítorí pé owó ọjà kan ṣoṣo ló yí padà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí gan-an ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kọ́ nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣe ni gbogbo nǹkan jọ máa ń gòkè, àwọn èèyàn á sì ní kò sí àyè láti sá lọ síbì kankan. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí á wo ọdún 2022. Gẹ́gẹ́ bí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò ṣe gbé e jáde, iye tí wọ́n ń ta líta kẹrosíìnì kan jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà jẹ́ nǹkan bíi 440 náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá, ó ti di nǹkan bíi 1,100 náírà. Gáàsì tó kún sìlíńdà oníkílò 12.5 wà ní nǹkan bíi 7,300 náírà ní oṣù Kìn-ín-ní, ó sì di nǹkan bíi 10,200 náírà ní oṣù Kejìlá.

Àwọn méjèèjì ló wọ́n. Ṣùgbọ́n bí kẹrosíìnì ṣe fi ìdá 150 nínú 100 gòkè, ìdá 40 péré ni gáàsì fi gòkè. Ẹni tó ń wo owó gáàsì nìkan yóò sọ pé àwọn èèyàn yóò sá fún un. Ẹni tó bá gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n yóò rí i pé bí gáàsì ṣe ń wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ló tún ń pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹrosíìnì.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, a ní láti mọ iye oúnjẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè sè. Iná gáàsì le ju ti kẹrosíìnì lọ, ooru rẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Tí a kò bá fẹ́ sọ àsọdùn, kílò gáàsì kan lè se oúnjẹ tí líta kẹrosíìnì kan àtààbọ̀ yóò sè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, kílò gáàsì kan jẹ́ bíi 584 náírà, kẹrosíìnì tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà sì jẹ́ 660 náírà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Ní ìparí ọdún, kílò gáàsì kan jẹ́ bíi 816 náírà, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ti di 1,650 náírà. Ó ti lé ní ìlọ́po méjì.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé iye tí ọjà kan wọ́n sí nìkan kò tó láti fi mọ ibi tí àwọn oníbàárà yóò yà sí. Iye tó wọ́n ju arọ́pò rẹ̀ lọ ni kí á wò.

ILẸ̀KÙN TÓ WÀ LÁÀÁRÍN

Òǹkàwé kan lè bi wá pé: bí gáàsì bá ti pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo ilé kò fi sítóòfù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló fi hàn bí àwọn ọ̀nà méjì tí a ti ń sọ bọ̀ ṣe so mọ́ra.

Ẹni tó fẹ́ kúrò lórí kẹrosíìnì bọ́ sórí gáàsì kò kàn lè ra gáàsì nìkan. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra sìlíńdà, kó ra bọ́nà, kó ra rọ́bà àti ìdè rẹ̀. Owó ńlá ni gbogbo èyí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò sì san án. Ẹni tó ń ra kẹrosíìnì lè gbé ìgò kan lọ sí ìsọ̀, kó ra èyí tó tó se oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú owó tó rí lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan, yóò rí i pé òun ń pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ọ̀sẹ̀ kan kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀ kò lè fi owó ọdún kan ṣe ìṣirò.

Nítorí náà, àwọn alájọlò gáàsì ni ilẹ̀kùn tí ẹni tó fẹ́ fi gáàsì rọ́pò kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí sìlíńdà bá wọ́n, ilẹ̀kùn náà tì. Bí sìlíńdà bá pọ́ọ́kú, tàbí tí ẹni tó ń tà á bá gbà kí oníbàárà máa san án díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀kùn náà ṣí. Bí àwọn tó ń ta gáàsì ṣe gbà láti máa rọ ọ́ ní kílò kan tàbí méjì fún ẹni tí kò lágbára àtikún sìlíńdà rẹ̀ ti ṣí i díẹ̀ fún àwọn tálákà.

Ìdí nìyí tí ìṣirò tí a ṣe lókè fi máa ń yàtọ̀ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí kẹrosíìnì wọ́n, àwọn tó ti ní sìlíńdà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń lo méjèèjì pọ̀, nìkan ló lè yà sí gáàsì lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó dá èésú, tí wọ́n sì ti kó o, yóò ti ra tiwọn. Èsì tó jẹ́ 0.6 ní ìbẹ̀rẹ̀ lè kọjá 1 nígbà tó bá yá.

Ilẹ̀kùn náà sì máa ń tì mọ́ èèyàn nínú. Bí kẹrosíìnì bá tún rọjú lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó ti ra sìlíńdà àti bọ́nà kò ní sáré padà sídìí sítóòfù. Owó tó ti ná kò ṣe é kó padà, gáàsì sì ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó ń ta kẹrosíìnì tó rò pé bí òun bá dá owó padà sí ti tẹ́lẹ̀, gbogbo oníbàárà òun ni yóò padà, ẹni náà ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

ÀWỌN TÍ ILẸ̀KÙN TÌ MỌ́ SẸ́YÌN

Àwọn tí kẹrosíìnì ti wọ́n jù fún, tí wọn kò sì ní owó sìlíńdà, kò ní torí bẹ́ẹ̀ máa jẹ oúnjẹ tútù. Èédú ni wọ́n ń yà sí. Èédú kò nílò sìlíńdà. Ààrò irin kékeré ti tó, a sì lè ra èyí tí a ó lò lójúmọ́ nínú ọ̀rá. Nítorí náà, kì í ṣe ìsọ̀ onígáàsì nìkan ni ọ̀wọ́n kẹrosíìnì ń ti oníbàárà lọ. Ó ń pín wọn sọ́nà méjì: àwọn tó lówó lọ́wọ́ díẹ̀ ń gòkè lọ sídìí gáàsì, àwọn tí kò ní sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí èédú.

Púpọ̀ nínú èédú tí wọ́n ń tà ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń kó o wá. Lára àwọn igi tí wọ́n ń gé fún un ni igi ẹ̀mí, tí àwọn obìnrin ń ṣa èso rẹ̀ láti fi ṣe òrí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni igi ẹ̀mí máa ń lò kí ó tó so. Bí kẹrosíìnì bá wọ́n ní Ìbàdàn tàbí Èkó, àwọn tó ń wá èédú pọ̀ sí i, igi tí wọ́n ń gé á pọ̀ sí i, obìnrin tó ń ṣe òrí lẹ́bàá Ṣakí sì lè rí i lọ́dún mélòó kan sí i pé èso tí òun ń ṣà ti dín kù. Kò ta kẹrosíìnì rí. Àjọṣe arọ́pò ló gbé ọ̀wọ́n náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

OHUN TÓ MÁA Ń TAN NI JẸ

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta bọ́nà. Ó gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé gáàsì ti wọ́n. Ṣé kí ó kó bọ́nà sí i wọ ìsọ̀ ni, àbí kí ó dáwọ́ dúró? Kò lè mọ̀ ọ́n bí kò bá mọ ohun tó fà á.

Gáàsì lè wọ́n nítorí pé dọ́là wọ́n, tàbí nítorí pé èyí tó ń wọlé dín kù. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ra gáàsì yóò dín kù, àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó yóò sún un síwájú, bọ́nà yóò sì kú lọ́jà. Ṣùgbọ́n gáàsì tún lè wọ́n nítorí pé kẹrosíìnì ti lé àwọn èèyàn wá sídìí rẹ̀, tí wọ́n pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn, àwọn èrò tuntun náà ń wá bọ́nà àti sìlíńdà kiri. Ọjà rẹ̀ yóò yá. Ìròyìn kan náà ni, “gáàsì ti wọ́n,” ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá ló ń tọ́ka sí.

Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ kò le. Kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta gáàsì bóyá ìwọ̀n tó ń tà pọ̀ sí i tàbí ó dín kù. Bí owó bá gòkè tí ìwọ̀n sì dín kù, ìṣòro wà ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó gáàsì wá. Bí owó bá gòkè, tí ìwọ̀n náà sì tún pọ̀ sí i, àwọn oníbàárà ló ń rọ́ wọlé. Kí ó tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí arọ́pò rẹ̀: ṣé kẹrosíìnì náà ti wọ́n, ó sì ti wọ́n ju gáàsì lọ?

Nǹkan kejì tó máa ń tan ni jẹ ni àkókò ọdún. Bí kẹrosíìnì bá wọ́n ní oṣù Kejìlá, tí gáàsì sì tà gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sísè Kérésìmesì ló fà á, kì í ṣe kẹrosíìnì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ yóò fi oṣù náà wé oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, kì í ṣe oṣù Kọkànlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí.

Ẹ̀kẹta ni pé àjọṣe ọjà méjì lè yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì. Fún ẹni tó ń se ẹ̀wà tà, èédú àti gáàsì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí alájọlò: èédú ló fi ń se ẹ̀wà tó ń pẹ́ lórí iná, gáàsì ló fi ń din ata. Bí gáàsì bá wọ́n débi pé ó dín iye ìkòkò tó ń sè kù, èédú tó ń rà náà yóò dín kù. Fún aládùúgbò rẹ̀ tó ń dáná fún ọmọ méjì, arọ́pò ni wọ́n. Èsì tí a rí nínú ìṣirò, àpapọ̀ gbogbo ilé wọ̀nyí ni.

Nítorí náà, kí ọlọ́jà tó sọ pé ọjà òun kú, ẹ jẹ́ kí ó kọ ohun méjì sínú ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó ń tà: owó ọjà tó lè rọ́pò tirẹ̀, àti owó ọjà tí wọ́n jọ ń lò ó pọ̀. Kí ó máa kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, ìwé náà yóò sọ fún un bóyá owó tirẹ̀ ló yẹ kó dín kù, bóyá ṣe ló yẹ kó dúró de ìgbà tí gáàsì yóò rọjú, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í ta sìlíńdà fún àwọn tí kẹrosíìnì ń lé bọ̀.